Wáyà Méjì Tàbí Wáyà Mẹ́rin? Bí A Ṣe Ń So Atanilólobó Púpọ̀ Mọ́ Olùdarí Kan Nínú Ilé Adìyẹ ní Ìkòròdú

1.0 Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ti sin òròmọdìyẹ rí ní agbègbè Ìkòròdú mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kìíní ni iṣẹ́ náà le jù. Òròmọdìyẹ ọjọ́ kan ń fẹ́ ooru tí ó tó nǹkan bí 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, a ó sì máa dín in kù ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ yóò fi bo ara wọn. Ooru igun ilé kan kì í ṣe ooru igun kejì. Igun tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí lè tutù lóru nígbà tí igun tí ó wà lẹ́bàá iná èédú bá ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun ṣọ́ ilé náà kò ní fi ojú kan ṣọ́ ọ. Ojú mẹ́rin ni yóò fi sí i, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀ mí pé kí n bá wọn wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni èyí: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ̀rọ mẹ́rin yìí, ọ̀nà wo ni kí á gbà so wọ́n mọ́ olùdarí kan ṣoṣo?" Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń lo wáyà méjì, èkejì ń lo wáyà mẹ́rin. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti sọ bí ọ̀nà méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́, láti fi ilé adìyẹ náà ṣe àpẹẹrẹ bí a ti ń yan ọ̀kan, àti láti dá àbá lórí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè fi kọ́ni ní èdè Yorùbá láìfọ̀rọ̀ rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ tí A Ó Lò

Àwọn olùkọ́ mìíràn ń pe ohun tí ó ń mọ ooru tàbí ọ̀rinrin ní aṣàwárí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣàwárí ń rìn kiri ni. Ohun tí a ń sọ yìí kì í rìn. Ó jókòó sí ojú kan, ó sì ń sọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ní ó ta ni lólobó. Nítorí náà ni mo ṣe pè é ní atanilólobó. Ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ni olùdarí.

Wáyà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jọ ń lò ni mo pè ní òpópónà, nítorí pé gbogbo ilé ni ó ní ẹnu ọ̀nà sí i, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó ń gba ojú òpópónà kọjá jẹ́ ẹyọ-ẹyọ, yálà òdo tàbí oókan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a mọ̀ sí bíìtì.

Ọ̀rọ̀ tí ó fa àríyànjiyàn jù ni ti wáyà tí ó ń jẹ́ kí olùsọ àti olùgbọ́ rìn pọ̀. Ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ń pè é ní aago, ṣùgbọ́n kò sọ iye agogo tí ó lù fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ onílù fún oníjó: bí ìlù bá dún lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ yóò gbé lẹ́ẹ̀kan, bíìtì kan yóò sì kọjá. Wáyà ìlù ni mo pè é.

Ó yẹ kí a mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbọdọ̀ túmọ̀ ní tààrà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé ń pe olùdarí ní ọ̀gá, tí wọ́n sì ń pe ẹ̀rọ tí ó ń gbọ́ tirẹ̀ ní ẹrú. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ tí ó jogún ìlànà oníwáyà méjì lọ́wọ́ Fílípìsì yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò nínú ìwé ìlànà rẹ̀, ó sì fi olùdarí àti ẹni-à-ń-dojú-ọ̀rọ̀-kọ rọ́pò wọn. Kò sí ìdí tí àwa yóò fi lọ gbé èyí tí àwọn oníǹkan ti jù sílẹ̀. Ní èdè tiwa, olùdarí àti olùjẹ́pè ti tó.

3.0 Bí Ọ̀nà Méjèèjì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ Fílípìsì ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni ó gbé ọ̀nà oníwáyà méjì jáde ní ọdún 1982, kí àwọn ẹ̀yà inú tẹlifíṣọ̀n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lójú pátákó ẹ̀rọ, I2C ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀. Wáyà kan, SCL, ni ti ìlù. Èkejì, SDA, ni ti ọ̀rọ̀. Gbogbo olùjẹ́pè ni ó so mọ́ wáyà méjèèjì yìí. Kí olùdarí tó sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ pe àdírẹ́sì ẹni tí ó ń bá wí. Bíìtì méje ni àdírẹ́sì náà. Èyí ìbá fún wa ní àdírẹ́sì 128, ṣùgbọ́n a ti ya 16 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, ó wá ku 112. Ẹni tí ó bá gbọ́ àdírẹ́sì ara rẹ̀ yóò jẹ́ ìpè, nípa fífa wáyà ọ̀rọ̀ wálẹ̀ ní ìlù kẹsàn-án. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́ ìpè, olùdarí yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò sí ẹni náà nílé.

Ohun kan wà nínú ọ̀nà yìí tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa. Kò sí ẹ̀rọ kankan lójú òpópónà náà tí ó lè ti wáyà sókè. Ohun tí olúkúlùkù lè ṣe ni kí ó fà á wálẹ̀ tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Rẹsísítọ̀ kan tí ó so wáyà mọ́ orísun iná ni ó ń fà á padà sókè. Mo pè é ní rẹsísítọ̀ afàsókè. Bí ìsun kànga ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: bí omi bá fà, kì í kún padà lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà oníwáyà mẹ́rin ni èyí tí a ń kọ SPI sí lójú pátákó. Ilé-iṣẹ́ Mòtòrólà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó mú un wáyé nínú ẹ̀wádún kan náà. Wáyà ìlù kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, SCK. Ọ̀rọ̀ olùdarí ní wáyà tirẹ̀, MOSI; ọ̀rọ̀ olùjẹ́pè náà ní tirẹ̀, MISO. Kò sí àdírẹ́sì rárá. Dípò rẹ̀, olùdarí na wáyà ìpè kan sí olùjẹ́pè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá fa wáyà ìpè tirẹ̀ wálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Wáyà mẹ́ta ni gbogbo wọn jọ ń lò, ṣùgbọ́n wáyà ìpè ń pọ̀ bí olùjẹ́pè ṣe ń pọ̀. Fún atanilólobó mẹ́rin, wáyà méje ni yóò jáde lára olùdarí, láìka ti iná.

Nínú ọ̀nà kejì yìí, ẹ̀rọ ń ti wáyà sókè, ó sì ń fà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yára púpọ̀ ju èkejì lọ.

4.0 Ilé Adìyẹ Náà

Ilé tí a wò gùn tó mítà mẹ́fà ó lé díẹ̀, àpótí olùdarí sì wà láàárín rẹ̀. Wáyà tí ó dé igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà mẹ́rin. Atanilólobó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rà ni BME280, tí ó ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti ìwúwo afẹ́fẹ́. Ó bá ẹ̀kọ́ wa mu púpọ̀, nítorí pé ó gbọ́ èdè méjèèjì: a lè so ó lọ́nà wáyà méjì, a sì lè so ó lọ́nà wáyà mẹ́rin.

4.1 Ṣé ìyára ni kí á fi yàn?

Èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ọ̀nà tí ó yára ni ó dára. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Láti ka atanilólobó kan lọ́nà wáyà méjì, olùdarí yóò pe àdírẹ́sì, yóò sọ ibi tí ó fẹ́ kà, yóò tún àdírẹ́sì pè, yóò sì gba ẹ̀ka ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka mọ́kànlá, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìlù mẹ́sàn-án, ìyẹn ìlù 99. Bí onílù bá ń lu ìlù 100,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣẹ́ náà yóò gba nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gba ìdá mẹ́rin.

Lọ́nà wáyà mẹ́rin, pẹ̀lú ìlù 1,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kíka ọ̀kan kò ní ju ìlù 72 lọ. Ó yá ju ti ìṣáájú lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ fi ìyára náà ṣe? Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni a ń ka ooru ilé adìyẹ, ooru náà kò sì lè yí padà láàárín ìgbà tí a bá ṣẹ́jú. Ìyára, nígbà náà, kì í ṣe ohun tí a ó fi yàn níhìn-ín.

4.2 Táíwò méjì nínú agbo ilé kan

Wọ́n wá so gbogbo rẹ̀ lọ́nà wáyà méjì. Ìṣòro kìíní yọjú lọ́jọ́ náà gan-an. Àdírẹ́sì méjì péré ni BME280 lè jẹ́, 0x76 tàbí 0x77, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Atanilólobó mẹ́rin wá di ẹni méjì-méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí a bá pe Táíwò nínú agbo ilé tí Táíwò méjì wà, àwọn méjèèjì ni yóò dáhùn.

Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé olùdarí kò mọ̀. Wọ́n jẹ́ ìpè, iye sì jáde. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fa wáyà wálẹ̀ ni ó ń borí, bíìtì kan kò ní jẹ́ oókan àyàfi bí àwọn méjèèjì bá jùmọ̀ sọ oókan. Bí ọ̀kan bá sọ 1011, tí í ṣe mọ́kànlá, tí èkejì sọ 1101, tí í ṣe mẹ́tàlá, ohun tí olùdarí yóò gbọ́ ni 1001, tí í ṣe mẹ́sàn-án. Kì í ṣe iye ti ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe ìdajì àárín wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí èyí ń ṣẹlẹ̀, kí ó fi ọwọ́ bo atanilólobó kan kí ó gbóná. Bí iye náà bá ń fò sókè-sódò dípò kí ó máa gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, àdírẹ́sì ti kọlu ara wọn nìyẹn.

4.3 Wáyà tí kò lè gòkè

Ìṣòro kejì kò hàn sí ojú. Wáyà méjì tí ó sún mọ́ ara wọn ń pa iná mọ́ díẹ̀, bí ìkòkò ti ń pa omi mọ́. Ìlànà oníwáyà méjì sọ pé ìpamọ́ iná gbogbo òpópónà kò gbọdọ̀ ju 400 pF lọ. A ka wáyà tí wọ́n lò sí 60 pF fún mítà kan. Mítà mẹ́rin jẹ́ 240 pF. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 960 pF. Ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà lọ.

Wàyí o, rẹsísítọ̀ afàsókè ni ó gbọ́dọ̀ kún ìkòkò náà. Bí ìkòkò bá tóbi, tí ìsun sì tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà kò ní gòkè tán kí ìlù mìíràn tó dún. Ìṣirò àkókò tí ó fi ń gòkè nìyí:

t = 0.8473 × R × C

Ní ìlù 100,000, t kò gbọdọ̀ ju 1000 ns lọ. Pátákó tí wọ́n rà ní rẹsísítọ̀ 10 kΩ lórí. Bí ó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ni a so, tí a sì ka gbogbo ìpamọ́ iná rẹ̀, ti àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú, sí 300 pF, t yóò jẹ́ nǹkan bí 2540 ns. Ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 4.7 kΩ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjèèjì yóò di nǹkan bí 3.2 kΩ, t yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 810 ns. Ó wọlé. Ẹ má sì ṣe rò pé kí á kàn máa dín rẹsísítọ̀ kù títí. Ẹ̀rọ tí yóò fa wáyà wálẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, èyí tí ìlànà fi sí 3 mA. Pẹ̀lú iná 3.3 V, rẹsísítọ̀ kò gbọdọ̀ dín sí nǹkan bí 970 Ω.

4.4 Bí a bá gba ọ̀nà wáyà mẹ́rin ńkọ́?

Ọ̀nà wáyà mẹ́rin kò mọ ìṣòro méjèèjì wọ̀nyí. Kò sí àdírẹ́sì tí yóò kọlu ara wọn, ẹ̀rọ sì ń ti wáyà sókè fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò yẹ kí á máa lu ìlù kíákíá lórí wáyà mítà mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí a bá rọra lù ú, yóò ṣiṣẹ́. Kí ni ó wá dé tí a kò fi gbà á?

Èkíní, wáyà mẹ́fà ni yóò dé igun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ti iná méjì, nígbà tí ọ̀nà kejì ń béèrè mẹ́rin péré. Nínú ilé tí eku wà, tí a sì ń fọ̀ lẹ́yìn ìran adìyẹ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ojú ìsopọ̀ ni ó jẹ́ ibi tí ìpẹtà lè bá wọlé.

Èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀nà wáyà mẹ́rin kò ní ìjẹ́pè. Bí eku bá gé wáyà, olùdarí yóò ṣì máa lu ìlù, yóò sì máa ka ohun tí ó bá wà lórí wáyà òfìfo, yálà òdo ní gbogbo ojú tàbí oókan ní gbogbo ojú. Ìṣirò yóò sọ ọ́ di iye ooru kan, àgbẹ̀ yóò sì gbà á gbọ́. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ máa béèrè àmì ìdánimọ̀ kí ó tó ka ooru: ní ibi tí a ń pè ní 0xD0, BME280 gbọ́dọ̀ dáhùn pẹ̀lú 0x60. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí á má ṣe gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti BME280 nìkan. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èdè wáyà méjì ni ó ń retí. Ìgbà tí a bá kọ́kọ́ fa wáyà ìpè rẹ̀ wálẹ̀ ni ó tó yí sí èdè wáyà mẹ́rin, kò sì ní yí padà mọ́ títí a ó fi pa iná. Títí di ìgbà náà, ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń bá ẹlòmíràn sọ, kí ó sì rò pé òun ni a ń pè. Nítorí náà, kí á tó bá èyíkéyìí sọ̀rọ̀, ó yẹ kí á fa wáyà ìpè gbogbo wọn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì dá a padà sókè.

5.0 Ohun tí A Ṣe

Wáyà méjì ni a yàn, ṣùgbọ́n a fi olùpín sí àárín. TCA9548A ni orúkọ olùpín náà. Ó ní ẹnu ọ̀nà mẹ́jọ, olùdarí yóò sì sọ èyí tí kí ó ṣí. Igun kan ṣoṣo ni ó ń wà lójú òpópónà lẹ́ẹ̀kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa jẹ́ 0x76 láìsí ìjà, ìpamọ́ iná igun kan kò sì ní kún ti èkejì. Òògùn kan ṣoṣo wo àrùn méjèèjì sàn. Rẹsísítọ̀ 4.7 kΩ méjì, ọ̀kan fún wáyà kọ̀ọ̀kan, ni a fi sí ẹnu ọ̀nà igun kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ tí ó ń ṣí ẹnu ọ̀nà n, tí ó sì ń wò bóyá ẹnikẹ́ni jẹ́ ìpè, nìyí:

```
Wire.beginTransmission(0x70);
Wire.write(1 << n);
Wire.endTransmission();

Wire.beginTransmission(0x76);
byte e = Wire.endTransmission();
```

Bí e bá jẹ́ 0, ẹnì kan jẹ́ ìpè. Bí ó bá jẹ́ 2, a pe àdírẹ́sì, kò sì sí ẹni tí ó dáhùn. Igun náà ni kí á lọ wò.

Ọ̀nà yìí náà ní àbùkù tirẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú, tí olùdarí bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbà tí atanilólobó kan ṣì wà láàárín ọ̀rọ̀, èyí lè di wáyà ọ̀rọ̀ mú sílẹ̀, kí ó máa dúró de ìlù tí kò dún. Gbogbo òpópónà yóò dí. Àmì rẹ̀ ni pé SDA kò gòkè mọ́ rárá. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí olùdarí lu ìlù mẹ́sàn-án lórí wáyà ìlù. Olùjẹ́pè yóò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì tú wáyà sílẹ̀. Ó yẹ kí á kọ èyí sínú ètò olùdarí láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá níbi tí iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ ti ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé a lé ọ̀nà wáyà mẹ́rin jáde. Káàdì ìrántí tí a ń kọ ooru ojoojúmọ́ sí wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú olùdarí, kò jìnnà tó ìka mẹ́rin, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ tí ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan sì jẹ́ 512. Ọ̀nà wáyà mẹ́rin ni a fi so ó, ó sì bá a mu rẹ́gí.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ilé adìyẹ yìí kọ́ wa ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni kí á bi ara wa kí á tó yàn. Báwo ni ọ̀rọ̀ tí a ń retí ṣe pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan? Ǹjẹ́ àdírẹ́sì àwọn atanilólobó náà yàtọ̀ síra? Báwo ni wáyà ṣe gùn tó? Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, tí ohun gbogbo sì sún mọ́ra, wáyà mẹ́rin ni. Bí ọ̀rọ̀ bá kéré, tí àdírẹ́sì sì yàtọ̀ tàbí tí a ní olùpín, wáyà méjì ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé gígùn oní mítà ogún ni, kí á fi méjèèjì sílẹ̀, nítorí pé inú àpótí kan ni a dá wọn fún. Ìlànà mìíràn wà tí a ṣe fún ọ̀nà jíjìn.

Ní ti ọ̀rọ̀, mo fi òpópónà, wáyà ìlù, wáyà ìpè, olùjẹ́pè, rẹsísítọ̀ afàsókè àti atanilólobó síwájú àwọn akọ́mọlédè fún àyẹ̀wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń lo márùn-ún nínú wọn láìbéèrè ìtumọ̀. Ẹ̀kẹfà, atanilólobó, ni wọ́n ní ó gùn jù lẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó kúrú jù ú lọ, tí kò sì sọ ẹ̀rọ tí ó jókòó sójú kan di arìnrìn-àjò, inú mi yóò dùn láti gbọ́ ọ.